Kí ló dé tí ojú-ìwé ìwọlé Wáífáì kì í yọ lórí láptọ́ọ̀pù mi?

Títílayọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí Wáífáì rẹ̀ kò ní páswọ́ọ̀dù. Téèyàn bá ti so mọ́ ọn, ojú-ìwé kan ló yẹ kó yọ, kó tẹ nọ́ńbà yàrá rẹ̀ síbẹ̀, kó tó lè lo ínítánẹ́ẹ̀tì. Lórí fóònù Android mi, ojú-ìwé náà yọ wéré. Lórí láptọ́ọ̀pù mi tó ń lo Windows, kò yọ rárá. Mo ṣí Chrome, mo lọ síbi ímeèlì mi, ìkìlọ̀ ni mo bá pàdé pé ìsopọ̀ mi kò ní ààbò. Wọ́n kọ `NET::ERR_CERT_COMMON_NAME_INVALID` síbẹ̀. Ibi téèyàn máa ń tẹ̀ láti fipá kọjá gan-an kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń gbàlejò ní kí n pa kọ̀ǹpútà, kí n tún un tàn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí a wà náà la ṣì wà. Ṣé kọ̀ǹpútà mi ló ní àrùn ni, àbí ẹnìkan fẹ́ wọ inú ímeèlì mi?

Múftàú: Páswọ́ọ̀dù Wáífáì ni wọn ò fún ẹ. Padà lọ bá wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé fún ẹ.

Títílayọ̀: Rárá sà, kò ní páswọ́ọ̀dù. Ó ti so mọ́ ọn, àmì Wáífáì kún dáadáa.

Ṣadé: Aago kọ̀ǹpútà ẹ ni kó o wò. Ó ṣe mí rí, déètì tèmi ti padà sẹ́yìn, gbogbo sáìtì tí mo bá ṣí ló ń ké pé sátífíkéètì ò dáa. Bí mo ṣe tún aago ṣe báyìí, ó tán.

Délé: Ṣadé, òótọ́ ni pé aago máa ń fa irú ẹ̀, àmọ́ ohun tí Chrome máa kọ nígbà náà ni `NET::ERR_CERT_DATE_INVALID`. Orúkọ ni tiẹ̀ ń ṣàròyé nípa rẹ̀, Títí: sátífíkéètì tí wọ́n fi hàn án kì í ṣe ti sáìtì tó o béèrè. Àrùn kọ́. Ẹ̀rọ ẹnubodè òtẹ́ẹ̀lì yẹn ló dáhùn dípò sáìtì ímeèlì ẹ.

Gbogbo ohun tí ẹ̀rọ ẹnubodè bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe ni pé, tí ẹni tí kò tíì wọlé bá béèrè ojú-ìwé kankan, kó dá a lóhùn pé «302, kọjá sí ojú-ìwé ìwọlé». Lórí `http://` lásán, èyí rọrùn. Gbangba ni ìbéèrè náà ń lọ ní pọ́ọ̀tù 80, ẹnikẹ́ni tó wà lójú ọ̀nà lè kà á kó sì fèsì sí i, bíráúsà ò ní mọ̀ pé kì í ṣe sáìtì ọ̀hún ló fèsì.

Lórí `https://`, ètò ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Kí bíráúsà tó béèrè ojú-ìwé èyíkéyìí ní pọ́ọ̀tù 443, á kọ́kọ́ ní kí ẹni tó wà lódìkejì fi sátífíkéètì hàn. Ẹ̀rọ ẹnubodè ò ní ti sáìtì ímeèlì ẹ, kò sì síbi tó ti lè rí i. Tara ẹ̀ ló fi hàn. Bíráúsà rí i pé orúkọ ò bára mu, ó já ìsopọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. 302 tó fẹ́ fi ránṣẹ́ kò tíì ráyè jáde lẹ́nu ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú-ìwé ìwọlé ò fi yọ.

Ní ti ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti kọjá, HSTS ló gbé e lọ. Sáìtì ímeèlì ti sọ fún bíráúsà tẹ́lẹ̀ pé HTTPS nìkan ni kó máa fi wá òun, kó má sì gba oníbàárà láyè láti fojú fo ìkìlọ̀.

Tẹ èyí síbi àdírẹ́sì, kó o kọ `http://` náà sí i:

```
http://neverssl.com
```

Má ṣe fò ó. Láti Chrome 90, ní ọdún 2021, tó o bá tẹ orúkọ sáìtì lásán, HTTPS ni bíráúsà yẹn máa kọ́kọ́ gbìyànjú.

Títílayọ̀: Ó yọ o! Mo ti wọlé. Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ fóònù ńkọ́? Mi ò tẹ nǹkan kan lórí ẹ̀ tó fi yọ fúnra ẹ̀.

Délé: Fóònù ló béèrè fúnra ẹ̀. Gbàrà tó bá so mọ́ Wáífáì, Android á lọ sí `http://connectivitycheck.gstatic.com/generate_204`. Èsì 204 tí kò ní nǹkan kan nínú ló ń retí. Tí nǹkan mìíràn bá dé, ó ti mọ̀ pé ẹnubodè wà níwájú, á sì gbé e wá fún ẹ. Windows náà ní tiẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lo `http://` lásán ni, kí ẹ̀rọ ẹnubodè lè ráyè dá sí i. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí Windows tìẹ ò fi fura. Tí àkókò tí wọ́n fún ẹ bá tán, kó o tó tún wọlé, ṣe èyí:

```
curl.exe -i http://www.msftconnecttest.com/connecttest.txt
```

Kúnlé: Tèmi burú ju ìyẹn lọ. Lórí Android gan-an ni kì í ti í yọ. Mo ti fi orúkọ sáfà kan sí Private DNS nínú sẹ́tíǹsì. Ìgbà tí mo bá pa á nìkan ni ojú-ìwé máa ń wá. Títí, ó ní láti jẹ́ pé irú ẹ̀ ló ń ṣe ìwọ náà.

Délé: Kúnlé, tìẹ yé mi. Pọ́ọ̀tù 853 ni Private DNS ń gbà, ọ̀pọ̀ ẹnubodè sì ti dí i pa fún ẹni tí kò tíì wọlé. Fóònù ò wá rí ẹni tó máa sọ ibi tí sáìtì kankan wà fún un. Ti Títí kọjá ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà ẹ̀ rí ọ̀nà, ó dé ọ̀dọ̀ ẹnìkan, orí sátífíkéètì ni wọ́n ti jà.

Títílayọ̀: Wọ́n já mi kúrò láàárọ̀ yìí, mo bá ṣe é. Ohun tó jáde rèé: `HTTP/1.1 200 OK`, nísàlẹ̀ pátápátá sì ni `Microsoft Connect Test`. Mi ò tíì wọlé o. Mi ò sì ní VPN.

Délé: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Windows ń retí gan-an nìyẹn, ló ṣe gbà pé ínítánẹ́ẹ̀tì wà, tó dákẹ́. Ẹnubodè yẹn ti ṣí àdírẹ́sì yẹn sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, kí ojú-ìwé ìwọlé má baà ṣí nínú fèrèsé kékeré tí ẹ̀rọ ń gbé wá fúnra ẹ̀. Bóyá àwọn wọ̀nyí mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bóyá ó bá nǹkan mìíràn wọlé ni, àwọn tó ń tún nẹ́tíwọ̀kì wọn ṣe ló máa sọ.

Múftàú: Kí wọ́n lọ ra sátífíkéètì tó dáa, kí gbogbo èyí dópin.

Délé: Wọ́n lè gba ti ojú-ìwé ìwọlé tiwọn, ó sì yẹ kí wọ́n gbà á. Ti sáìtì ímeèlì Títí, kò sẹ́ni tó máa fún wọn. Ohun tó dáa jù lọ́wọ́ wọn ni pé kí wọ́n má fèsì rárá ní pọ́ọ̀tù 443 fún ẹni tí kò tíì wọlé. Ojú-ìwé á kàn máa yí títí á fi sọ pé `ERR_CONNECTION_TIMED_OUT`, ṣùgbọ́n àyà ẹnikẹ́ni ò ní já pé wọ́n fẹ́ jí ímeèlì òun. Ọ̀nà tuntun kan tún wà, RFC 8910 ti ọdún 2020: bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe ń fún ẹ̀rọ ní nọ́ńbà IP nípasẹ̀ DHCP, á fi ibi tó ti máa rí ẹnubodè kún un nínú òpṣọ̀n 114. Kò ní sí ìdí láti dá sí ìbéèrè ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ̀rọ oníbàárà gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè yẹn, gbogbo wọn kọ́ ló sì gbọ́ ọ.

Ṣadé: Àwọn sáìtì tí ibi téèyàn ń tẹ̀ láti kọjá ṣì wà lórí tiwọn ńkọ́? Èmi máa ń tẹ̀ ẹ́, ojú-ìwé ìwọlé á sì yọ.

Délé: Á yọ lóòótọ́. Àmọ́ tó o bá tẹ̀ ẹ́, bíráúsà á fi kúkì sáìtì yẹn kún ìbéèrè ẹ, ẹ̀rọ ẹnubodè ló sì máa gbà á. Tó bá jẹ́ sáìtì tó o ti wọlé sí tẹ́lẹ̀, o ti gbé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ fún wọn nìyẹn. `neverssl.com` ò ní kúkì ẹ kankan lọ́wọ́.