Tíkẹ́ẹ̀tì jẹ, owó kò pé: ọ̀rọ̀ dẹ́ẹ̀dì híìtì

Ọmọ Kàbà, Lọ́ńdọ̀nù: Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Béèyàn bá ta tẹ́tẹ́ pé ẹnì kan ni yóò gbá gọ́ọ̀lù jù ní sáà, tó wá bá ẹlòmíì dọ́gba lókè, èyí tí wọ́n ń pè ní dẹ́ẹ̀dì híìtì, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò owó rẹ̀?

Àbúrò Mọ̀pà, Líìdì: Èrè ni wọ́n ń pín. Owó tẹ́ ẹ fi ta á padà wá ní pípé.

Bọ̀dá Ìsánlú, Mánṣẹ́sítà: Wọ́n ń pín nǹkan lóòótọ́, àbúrò, àmọ́ kì í ṣe èrè. Owó tá a fi ta gan-an ni. Wo sáà 2018/19 ní Líìgì Pírẹ́míà: Salah, Mané àti Aubameyang gbá gọ́ọ̀lù 22 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹnì kan fi pọ́ùn 12 ta Aubameyang ní 10/1. Wọ́n á pín 12 yẹn sí mẹ́ta: pọ́ùn 4 jẹ, 8 ti lọ. Pọ́ùn 4 ní 10/1 mú 40 wá, kí á fi 4 fúnra rẹ̀ kún un, ó di 44. Ká ní òun nìkan ló wà lókè ni, 132 ni ì bá gbà. Ìṣirò tìrẹ á fún un ní 52, ìyẹn ló fi ń dà bíi pé wọ́n yọ pọ́ùn 8 lára owó ẹni.

Ìyá Ìbejì, Bẹ̀míngámù: Àbí ohun tó ṣe tèmi nìyí? Mo fi pọ́ùn 10 ta agbábọ́ọ̀lù kan ní 1.80 pé òun ló máa gbá gọ́ọ̀lù jù nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní mo jẹ, pọ́ùn 9 ni wọ́n san.

Bọ̀dá Ìsánlú: Òun náà ni, mà. Ó bá ẹnì kan dọ́gba, torí náà pọ́ùn 5 ló jẹ, 5 lọ́nà 1.80 sì jẹ́ 9. Bí àwọn méjì bá dọ́gba lókè, ọ́ọ̀dì tí kò bá ju 2.00 lọ kò lè mú èrè wá. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ ju 3.00.

Ará ilé, Kàbà: Mo ta dọ́rọ́ọ̀ ní bọ́ọ̀lù àná. Ṣé wọ́n á pín tèmi náà?

Ọmọ Kàbà: Rárá o. O ti yan dọ́rọ́ọ̀ fúnra rẹ̀, wàá gba owó rẹ ní pípé. Bọ̀dá, ìíṣì-wéè ńkọ́?

Bọ̀dá Ìsánlú: Apá méjì ni, ọ̀kan lórí pé ẹni yẹn á ṣe ipò kìíní, èkejì lórí àyè, ìyẹn pé á wà nínú àwọn ipò òkè tí wọ́n ń sanwó fún; ẹ ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ padà sí Aubameyang, 12 sórí ipò kìíní, 12 sórí àyè; àyè mẹ́rin ni wọ́n ń san, ní ìdámẹ́rin ọ́ọ̀dì. Apá kìíní fún wa ní 44. Apá àyè kò ní ìpín kankan, torí àwọn mẹ́ta náà gba àyè 1 dé 3, gbogbo wọn wọlé. 12 ní 2.5/1 mú 30 wá, pẹ̀lú 12, ó jẹ́ 42. Àròpọ̀ jẹ́ 86. Etí ìlà àyè ni wàhálà ti ń wá. Nínú gọ́ọ̀fù, bí wọ́n bá ń san àyè márùn-ún, tí àwọn mẹ́rin sì dọ́gba ní ipò kẹrin, àyè méjì péré ló kù fún wọn. Ìlàjì owó apá àyè nìkan ló jẹ.

Àbúrò Mọ̀pà: Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wá ńkọ́? Ní 2010, àwọn mẹ́rin gbá 5, Müller nìkan ló gba Bàtà Wúrà nítorí àsísìtì.

Bọ̀dá Ìsánlú: Ibẹ̀ ni òfin ti yàtọ̀. Ilé tẹ́tẹ́ kan lè tẹ̀ lé ẹ̀bùn, òmíràn lè ka gọ́ọ̀lù nìkan kó sì pín owó sí mẹ́rin. Ẹ ka òfin ọjà náà kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì.

Ìyá Ìbejì: Òfin ilé tẹ́tẹ́ tí mò ń lò kò dárúkọ àsísìtì rárá. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó sọ fún wa o.