Apá ọmọ tí mo ń ṣe nínú Blender ń ya kúrò ní èjìká: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìtọ̀kú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Abẹ́òkúta ni mo wà. Mò ń ṣe eré kékeré kan fún àwọn ọmọdé, níbi tí ọmọbìnrin kan tó wọ bùbá àti ìró àdìrẹ ti ń gun àtẹ̀gùn Òkè Olúmọ. Mo ti to eegun sí i nínú, mo sì fi `With Automatic Weights` so ara rẹ̀ mọ́ eegun. Bó bá dúró, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá gbé apá rẹ̀ sókè, èjìká á là, màá máa rí inú ara rẹ̀ láti ibẹ̀. Tí mo bá ká ìgúnpá rẹ̀, ibẹ̀ á fún pọ̀ bí ọ̀rá píọ́wọ́tà tí wọ́n ti fà mu tán. Orókún náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti fi kíkùn yí bí eegun kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa ara padà títí nínú `Weight Paint`, èjìká yẹn kò dí.

Bọ̀dá Ìbarà: Tẹ ara rẹ̀, lọ sí ibi àmì sípánà, wá `Armature` níbẹ̀, kí o fi àmì sí `Preserve Volume`. Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyẹn, kò fún pọ̀ mọ́.

Màmá Ìbejì: Ṣé orókún rẹ̀ ń ká sí òdìkejì ni? Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo lo `Inverse Kinematics` láti máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ darí gbogbo ẹsẹ̀. Eegun ẹsẹ̀ ló gún gbọọrọ, kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tó yẹ kó ká sí. Mo fa ibi orókún síwájú díẹ̀ nínú `Edit Mode`, ó sì gbọ́ràn.

Ọmọ Ìtọ̀kú: Rárá mà, ibi tó yẹ ló ń ká sí. Yíyà àti fífún ló ń dà mí láàmú.

Oníṣẹ́ Òkè-Ìlèwó: Kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, wọ `Edit Mode`, gbé atọ́ka lé apá ọmọ náà, kí o tẹ L. Kí ló yàn?

Ọmọ Ìtọ̀kú: Apá nìkan, sà. Mo ṣe apá lọ́tọ̀, mo wá fi Ctrl+J pa á pọ̀ mọ́ ara.

Oníṣẹ́ Òkè-Ìlèwó: Ọ̀rọ̀ ti yé mi. Ctrl+J kàn kó wọn sínú ohun kan ṣoṣo ni, kò rán wọn pọ̀. Apá ní etí tirẹ̀, ara ní tirẹ̀, wọ́n kàn fara kanra. Bí eegun bá gbé apá, etí apá á bá a lọ, etí ara á dúró síbi tó wà. Kò sí bí o ṣe lè kun ún tí yóò dí dáadáa.

Yọ ojú, ìyẹn `face`, tó bo ẹnu apá, kí o sì yọ ojú díẹ̀ lára èjìká kó di ihò. Ka kókó, ìyẹn `vertex`, tó yí ẹnu méjèèjì ká. Bí apá bá ní 8, jẹ́ kí ihò èjìká náà ní 8, torí bí ọ̀kan bá ní 12, ìsopọ̀ á lọ́. Yan etí méjèèjì, lọ sí `Edge`, kí o mú `Bridge Edge Loops`. Bí àwọn kókó náà bá ti wà lórí ara wọn tẹ́lẹ̀, M àti `By Distance` ti tó. Tẹ L lẹ́ẹ̀kan sí i: bí gbogbo ara bá yàn, ó ti di ọ̀kan.

Ti ìgúnpá yàtọ̀. Ìlà mélòó ló yí i ká níbẹ̀?

Ọmọ Ìtọ̀kú: Ọ̀kan, sà.

Oníṣẹ́ Òkè-Ìlèwó: Kò tó. Fi Ctrl+R ṣe é títí yóò fi di mẹ́ta. Kí ti àárín bọ́ sí ibi tí eegun méjèèjì ti pàdé gan-an, kí méjì yòókù sún mọ́ ọn lókè àti nísàlẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni eegun méjèèjì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, òun ló fi ń fún. Ṣe orókún bẹ́ẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà, yan ara ṣáájú, fi Shift yan eegun, tẹ Ctrl+P, kí o tún mú `With Automatic Weights`. Gbogbo kíkùn tó o ti ṣe á pa rẹ́ o.

Bọ̀dá Ìbarà: Ẹ̀gbọ́n, ṣé `Preserve Volume` kò wúlò ni?

Oníṣẹ́ Òkè-Ìlèwó: Ó wúlò, pàápàá bí ọwọ́ bá ń lọ́. Àmọ́ kò lè dí ohun tí a kò rán, nígbà mìíràn ó sì máa ń mú kí ìgúnpá wú. Bó bá jẹ́ géèmù lo fẹ́ gbé e lọ nípasẹ̀ fáìlì glTF, kò ní bá a lọ.

Ọmọ Ìtọ̀kú: Èjìká ti dí, sà! Ìgúnpá náà ti ká dáadáa. Àmọ́ bó bá gbé apá sókè, ẹ̀gbẹ́ bùbá lábẹ́ abíyá ń bá a gòkè.

Oníṣẹ́ Òkè-Ìlèwó: Eegun apá ló mú ẹ̀gbẹ́ ara mọ́ra, torí wọ́n sún mọ́ra jù. Ní báyìí, kíkùn ti wúlò: yan eegun apá nínú `Weight Paint`, fi ìwọ̀n 0 nu ẹ̀gbẹ́ náà, kí `Auto Normalize` wà ní títàn kí eegun àyà lè gba ibẹ̀.

Màmá Ìbejì: Ìró ńkọ́? Bó bá gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn, ṣé orókún kò ní yọ síta?

Bọ̀dá Ìbarà: Kó pa itan tó wà lábẹ́ ìró rẹ́, kó jẹ́ kí eegun ẹsẹ̀ máa fa ìró náà fúnra rẹ̀.

Oníṣẹ́ Òkè-Ìlèwó: Èmi ò ní pa á rẹ́. Eegun méjì tí ń fa ìró kan á mú kí àárín rẹ̀ rì bí ẹsẹ̀ bá là. Màá to eegun lọ́tọ̀ fún ìró. Àmọ́ lórí àtẹ̀gùn tí kò ga, ti Bọ̀dá lè tó. Dán an wò ní ìgbésẹ̀ kan, kí o fi àwòrán ránṣẹ́ síbí.