Ẹ̀jẹ̀ nínú àtọ̀, ìrora tí àtọ̀ bá ń jáde: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ojú ló ń tì mí. Ọmọ ọdún 33 ni mí. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, tí mo bá wà pẹ̀lú ìyàwó mi, bí àtọ̀ bá ṣe ń jáde báyìí ni nǹkan kan á gún mi láti abẹ́ ẹpọ̀n dé ìdí, ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó rọlẹ̀. Mo mú un mọ́ra. Ìgbà tó yá ni mo rí i nínú kọ́ńdọ̀mù pé àwọ̀ ẹ̀ ti yí padà, kì í ṣe pupa fòò o, ó rí bí omi tí wọ́n rẹ irin tó dípẹtà sí, ó tún ní kókó wẹẹrẹ wẹẹrẹ nínú.

Mo lọ sí kẹ́míìsì, ọkùnrin yẹn ò bi mí ní nǹkan kan, ó ní àtọ̀sí ni, ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó kó síprò ọjọ́ méje fún mi. Mo lò ó tán, kò yàtọ̀. Ìyá mi se àgbo, mo mu ún ọ̀sẹ̀ méjì, kò yàtọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bákan, torí tí wọ́n bá ti pe àtọ̀sí, ohun tó máa sọ sí gbogbo èèyàn lọ́kàn ni pé o lọ sùn níta. Mi ò sùn níta o.

Dókítà kan ló wá bi mí ní ohun tẹ́nì kankan ò bi mí rí, ó ní ṣé mo máa ń wẹ̀ lódò. Ha! Abúlé bàbá mi ò jìnnà sí dáàmù Ọyán, ibẹ̀ la ti ń wẹ̀ la ti ń pẹja ní gbogbo họ́lídè, ọdún méjì sẹ́yìn báyìí mo ṣì wọ̀ ọ́. Ó ní kí n wá tọ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, kí n gun àtẹ̀gùn lọ-bọ̀ kí n tó tọ̀ ọ́, pé ìgbà yẹn lẹyin kòkòrò máa ń jáde jù. Wọn ò rí nǹkan nínú ìtọ̀. Ó ní kí n mú àtọ̀ gan-an wá nínú ike, inú ẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ẹni tó wà ní láàbù ní kí n wá wò ó fúnra mi: ó rí gbọọrọ bíi hóró ẹ̀gúsí, ó sì ní ẹ̀gún ṣóńṣó kan nídìí. Àtọ̀sí ajá ni!

Wọ́n wọ̀n mí, 60 kílò. Oògùn pírásíkùántẹ̀lì ni wọ́n fún mi, 40 mílígíráàmù fún kílò kan, ìyẹn 2,400, hóró 600 mẹ́rin nìyẹn, mo jẹun yó kí n tó lò ó. Òyì kọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú sì run mí. Ó ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà torí oògùn yẹn kì í pa èyí tó ṣì kéré nínú kòkòrò ọ̀hún. Ìrora ti ń lọ, àwọ̀ ẹ̀ ti ń padà bọ̀ sípò. Ta ló tún ti rí irú ẹ̀?

Àlàbí Mẹkáníìkì:
Bùrọ̀dá, èmi mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tá a wà ní púráímárì, àwa ọmọkùnrin mélòó kan la jọ ń tọ ẹ̀jẹ̀, a rò pé bí èèyàn ṣe ń dàgbà nìyẹn. Tí èèyàn bá tọ̀ síbi tí ajá tọ̀ sí ló ń fà á. Odò náà lè fà á lóòótọ́, tí èèyàn bá mu ún láìsè é.

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́:
Rárá o ẹ̀gbọ́n, orúkọ lásán ni ajá tí wọ́n fi kún un. Ara ìgbín kékeré tó wà nínú omi ló ti ń jáde, awọ ara ló ń gbà wọlé, téèyàn ò bá tiẹ̀ mu ẹ̀kán kan nínú omi náà. Ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdí nìyẹn tí àgbàlagbà fi ń rí ohun tó kó ní kékeré. Àtọ̀sí ti ìbálòpọ̀ yàtọ̀ sí i: ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni ọyún sábà máa ń jáde lójú okó, ìtọ̀ á máa ta èèyàn. Ìyẹn náà lè mú ìrora àti ẹ̀jẹ̀ wá, tọkọtaya ló sì gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má wá lọ ra oògùn kòkòrò nítorí ohun tí bùrọ̀dá kọ yìí o, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ara ṣíìtì lèmi ti rí ẹ̀jẹ̀ ní tèmi, lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ mi ní kò dun òun. Ṣé odò náà ni?

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́:
Ìyá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n lo kọ́ńdọ̀mù lọ́jọ́ kan, kí ẹ wo inú ẹ̀. Tí àtọ̀ bá funfun, a jẹ́ pé ara yín lẹ̀jẹ̀ ti wá. Obìnrin tó ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ gbọ́dọ̀ lọ yẹ ẹnu ilé ọmọ wò, ẹ má fi falẹ̀.

Kọ́lá Dírẹ́bà:
Tèmi ò ní odò nínú. Tí àtọ̀ bá jáde ó máa ń dùn mí, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ara mi gbóná, mo ní ibà ni, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lo oògùn ibà. Tí mo bá jókòó sídìí mọ́tò, bíi pé mo jókòó lé òkúta ni, láàárín ẹpọ̀n àti ihò ìdí. Ọjọ́ kẹrin mi ò lè tọ̀ mọ́. Ọsibítù ni wọ́n gbé mi dà sí, rọ́bà ni wọ́n fi fa ìtọ̀ jáde. Wọ́n ní pírósítéètì mi ló wú, kòkòrò ló wọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ inú dírípù ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, lẹ́yìn náà ni mo lo oògùn oníhóró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko, torí wọ́n ní oògùn kì í tètè wọ ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́:
Irú ti Kọ́lá yìí, ọjọ́ yẹn náà lèèyàn ń lọ, kì í dọ̀la. Ibà pẹ̀lú ìgbọ̀n, tàbí ìtọ̀ tí ò jáde. Bákan náà ni tí kóró ẹpọ̀n kan bá ṣàdédé ń ro èèyàn burúkú, ó lè ti lọ́ pọ̀, wákàtí díẹ̀ ló sì ní kó tó kú síbẹ̀.

Bàbá Pẹ́kíhàmù:
Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, mo ti pé 58. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí i láàárín oṣù kan, kò dùn mí rárá, mo ní ara mi ló gbóná. Ọmọbìnrin mi ló lé mi lọ bá dókítà. Kòkòrò wà nínú ìtọ̀ mi, wọ́n wò ó sàn, wọ́n sì ní ká fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún pírósítéètì, torí tí kòkòrò bá wà níbẹ̀ nọ́ńbà yẹn á ga lásán. Nígbà tí wọ́n ṣe é, ó ṣì ga. Wọ́n bù díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó wá ń jáde báyìí ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bíbù yẹn ló ń fa ìyẹn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọjọ́ Tọ́sìdeè lèsì máa jáde.

Àlàbí Mẹkáníìkì:
Ọlọ́run á ṣe é ní rere, bàbá. Àmọ́ àǹtí, ọmọ ọdún 26 ni àbúrò mi, ó rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún tó kọjá lẹ́yìn tó ti pẹ́ tó bá obìnrin ṣe, kò tún rí i mọ́. Ṣé kóun náà lọ ni?

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́:
Ti ọmọdékùnrin bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan péré, láìsí ìrora, láìsí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ó sábà máa ń lọ fúnra ẹ̀. Kó ṣáà yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀, torí tí ìyẹn bá ga jù ó lè fà á. Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tó ń rí i léraléra, tàbí tó ní kókó lára ẹpọ̀n, kó má dúró wò ó.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Àǹtí, ìyàwó mi ka gbogbo ẹ̀. Ó ní kí n bi yín bóyá mo ti kó o ràn òun.

Nọ́ọ̀sì Adùkẹ́:
Kì í ran èèyàn nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Àmọ́ ṣé òun náà máa ń wọ odò yẹn?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Abúlé kejì sí tiwa ni wọ́n ti bí i, ibẹ̀ ló ti ń fọṣọ títí a fi ṣègbéyàwó. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ ikùn máa ń ro òun, òun sì máa ń rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tó kì í ṣe ti nǹkan oṣù. Ọ̀la la jọ ń lọ.