Ímeèlì ọ̀gá mi sí Kútọnu: báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ ní Faransé?

Olùbéèrè: Ẹ kú ilé o. Alábàáṣe wa ní Kútọnu ló ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí wa l'Ékòó, kọ́sítọ́ọ̀mù wá dá tírélà wọn dúró ní bodè Sẹmẹ. Ọ̀gá mi kọ Gẹ̀ẹ́sì sí wọn: "Well done sir. Sorry for the delay. We will eventually pay the balance." Ó ní kí n yí i sí Faransé kílẹ̀ tó ṣú. Ohun tí mo kọ rèé: "Bien fait, Monsieur. Désolés pour le retard. Nous paierons éventuellement le solde." Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Akọ̀wé: Faransé kì í kí èèyàn kú iṣẹ́ nínú lẹ́tà. Yọ gbogbo ìkíni kúrò, kó o sọ ọ̀rọ̀ ọjà.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Òótọ́ ni ti kú iṣẹ́ yẹn, bọ̀dá, àmọ́ ẹ má yọ ìkíni tán. Tó bá jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ lẹ̀ ń kọ̀wé sí, "Monsieur le Directeur" ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, láìfi orúkọ kún un. Ẹni tí tírélà rẹ̀ há, tẹ́ ẹ wá sọ pé "bien fait", ohun tó máa gbọ́ ni pé ó tọ́ sí i! Ẹ kúkú dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: "Nous vous remercions du suivi de ce dossier."

"Désolés" yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ṣe ni ọ̀gá yín ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń sọ ọ́ fẹ́ni tó fẹsẹ̀ kọ. Bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́, ó dà bíi pé ẹ̀yin lẹ fa ìdádúró. Lọ́la tí ọ̀rọ̀ ta ló máa sanwó ìpamọ́ ẹrù bá délẹ̀, wọ́n lè fa ímeèlì yẹn yọ. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Nous avons appris avec regret que votre camion est retenu à la frontière." Ẹ ti bá wọn kẹ́dùn, ẹ ò sì gba ẹ̀bi.

"Éventuellement" ńkọ́? Bóyá ni. Ẹ ti sọ fún wọn pé bóyá lẹ máa sanwó. Ìgbà wo gan-an lẹ máa san án?

Ìyá Ìbejì: Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí mo fẹ́ yí sí Faransé fún físà. Ṣé kí n tún un kọ bẹ́ẹ̀ náà?

Ọmọ Àjàṣẹ́: Rárá, mà. Ìyẹn ò gba àtúnkọ. Ẹ wá atúmọ̀ èdè tí ẹ́ńbásì fọwọ́ sí.

Olùbéèrè: Ọ̀gá ní bí ẹrù bá ti dé la máa san án.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ó dáa. "Nous réglerons le solde à la livraison." Kẹ́ ẹ wá fi "Je vous prie d'agréer, Monsieur le Directeur, mes salutations distinguées" parí ẹ̀.

Akọ̀wé: Ó ti gùn jù! "Cordialement" làwọn tí mò ń bá ṣòwò ní Lómè ń kọ sí mi.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ ti mọra yín nìyẹn. Olùbéèrè, báwo làwọn fúnra wọn ṣe parí ímeèlì tí wọ́n kọ sí yín kẹ́yìn?