Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlọrin fẹ́ gba sálúbàtà ní àwìn

Ìyá Ìbejì, Ọ̀yọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Sálúbàtà aláwọ ni mò ń tà, orí Wọ́sáàpù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń rí mi. Awọ, gọ́ọ̀mù, owó oníṣẹ́ àti owó ọkọ̀, gbogbo rẹ̀ já sí ₦4,500 lórí bàtà kan. ₦7,000 ni mò ń tà á fún ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Oníṣọ́ọ̀bù kan ní Ìlọrin wá ń bèèrè dọ́sìnnì méjì. Ó ní ₦5,000 lòun máa san, lẹ́yìn oṣù kan. A ò pàdé rí. Kí ni kí n dá a lóhùn?

Bọ̀dá Aláńkárá, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ yọ 30 nínú 100 kúrò lára iye tí ẹ ń tà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí èmi ṣe ń ṣe nìyẹn. Alátùntà tí kò bá rí èrè jẹ kò ní padà wá.

Màmá Ṣadé, Ògbómọ̀ṣọ́: Òótọ́ ni Bọ̀dá sọ pé ó gbọ́dọ̀ rí jẹ. Àmọ́ bí Ìyá Ìbejì bá yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ₦4,900 ló kù, ₦400 péré ni èrè tirẹ̀. Iye tí ọjà ná ọ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, ọmọ mi. Pè é ní ₦5,500, owó lọ́wọ́. Bó bá tà á ní ₦7,000, òun náà jẹ ₦1,500.

Ní ti àwìn, dọ́sìnnì méjì máa jẹ́ ₦132,000, ₦108,000 nínú rẹ̀ sì ni owó tó o fi ṣe ọjà. Bó bá gbé e lọ láìsanwó, ₦1,000 lò ń jẹ lórí bàtà kan, nítorí náà dọ́sìnnì mẹ́sàn-án lo máa tà fún àwọn alátùntà mìíràn kí owó yẹn tó padà. Jẹ́ kó kọ́kọ́ rajà lówó bí ìgbà mélòó kan. Lẹ́yìn náà, kó san ìdajì kí ẹrù tó kúrò ní gáréèjì, kó parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Má fi ẹrù tuntun ránṣẹ́ bí ti àtijọ́ bá ṣì wà nílẹ̀.

Àǹtí Ẹlẹ́lùbọ́: Alátùntà kan gba èlùbọ́ lọ́wọ́ mi, ó ní kò tà, ó dá a padà pẹ̀lú kòkòrò. Ṣé sálúbàtà náà máa ń bàjẹ́ ni?

Màmá Ṣadé: Kò ní kòkòrò, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹsẹ̀ ń bẹ. Á ta 41 àti 42 tán, á wá dá 46 padà fún ọ. Ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé pààrọ̀ nìkan lo gbà, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, bí wọn ò bá tíì wọ̀ ọ́.

Bọ̀dá Aláńkárá: Àwòrán ìsanwó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ kì í ṣe owó o. Inú àkáǹtì yín gan-an ni kí ẹ ti wò ó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ṣé kí Ìyá Ìbejì ṣì máa gbé ₦7,000 sí ojúde báyìí? Oníbàárà oníṣọ́ọ̀bù yẹn máa rí i.

Àǹtí Ẹlẹ́lùbọ́: Bí kò bá gbé iye sí i, àwọn tó ń rajà ẹyọ kan máa kọjá lọ ni.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an, mà. Mo ti sọ ₦5,500 fún un. Ó ní òun máa san owó dọ́sìnnì kan lónìí bí mo bá ṣe é ní ₦5,300.

Màmá Ṣadé: ₦800 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Sọ fún un pé ẹni tó bá gbé dọ́sìnnì mẹ́ta ló ni ₦5,300.