Ìkọ́kọrẹ́ tí ò láta, màámi kọ̀ ọ́

Ọmọ Ìtóòrò: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Màámi dé Lọ́ńdọ̀nù láti Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù tó kọjá, ọgbẹ́ inú ń yọ wọ́n lẹ́nu, mo wá yọ ata kúrò nínú gbogbo ọbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, síbẹ̀ inú ń ta wọ́n, wọ́n tún ní ìkọ́kọrẹ́ mi, oúnjẹ aláìsàn ni. Kí ni mo lè fi rọ́pò rodo?

Bọ̀dá Ṣágámù: Mílíìkì tútù ni, ife kan láàárọ̀, kan lálẹ́. Ata ló dá ọgbẹ́ yẹn sí wọn nínú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fẹnu kàn án mọ́.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá, ata kọ́. Kòkòrò tí wọ́n ń kọ ní H. pylori àti oògùn ara ríro ló sábà ń dá a sílẹ̀, ata kàn ń ta egbò tó ti wà níbẹ̀ ni, ó sì ń ta ẹlòmíì ju ẹlòmíì lọ. Mílíìkì á tù wọ́n lára fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà inú á tún pọ omi kíkan sí i. Àbúrò, màmá ń lo oògùn orúnkún bí?

Ọmọ Ìtóòrò: Háà. Ibuprofẹ́ẹ̀nì, mẹ́ta lójúmọ́, èmi gan-an ni mo rà á. Wọ́n á gbé e mì kí wọ́n tó jẹ nǹkan kan láàárọ̀, wọ́n á wá fi gàárì tútù lé e.

Ìyá Ìbejì: Ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ dá ìyẹn dúró, parasitamọ́ọ̀lù ò ń bá inú jà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ aspirínì ọkàn ni dókítà kọ fún wọn, ẹ má fúnra yín yọ ọ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ kòkòrò yẹn wò, wọ́n lè ní kí wọ́n fẹ́ èémí sínú nǹkan tàbí kí wọ́n mú ìgbẹ́ wá. Tí wọ́n bá ti ń lo omẹprasóòlù, oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, ẹ tètè sọ fún dókítà, torí ó gbọ́dọ̀ ti kúrò lára fún ọ̀sẹ̀ méjì kí èsì má baà parọ́. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tó sì ń lẹ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì.

Àǹtí Ìkẹ́nnẹ́: Èmi o, tòmátò ló máa ń ṣe mí, pàápàá tí mo bá jẹun alẹ́ tán tí mo sùn lọ. Fún ìkọ́kọrẹ́, ẹ lo tàtàṣé méjì, kí ẹ fi ìdajì rodo kan sí i, ẹ la rodo náà, kí ẹ fá fùkù funfun tí hóró rọ̀ mọ́ nínú kúrò, ibẹ̀ ni títa yẹn wà jù, kì í ṣe hóró. Epo díẹ̀, ẹja gbígbẹ kó pọ̀, kí wọ́n sì jẹ ẹ́ ó kéré tán wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó sùn.

Bọ̀dá Ṣágámù: Ìdajì rodo? Ìyẹn ìkọ́kọrẹ́ àwọn òyìnbó nìyẹn.

Ọmọ Ìtóòrò: Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ibuprofẹ́ẹ̀nì ti kúrò nílé. Títa yẹn ti lọ sílẹ̀ gan-an, àyẹ̀wò di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n jẹ abọ́ kan lánàá, wọ́n tún fi ìka nu ìdí ẹ̀. Gàárì Ìjẹ̀bú tó kan ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tún dá a padà, ẹ wo ìyàtọ̀ lára wọn.

Ọmọ Ìtóòrò: Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ti lọ gbé àpò gàárì náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.