Ẹ bá mi wo ímeèlì ẹ̀yìn mítìn yìí kí n tó fi ránṣẹ́

Tóyìn (Lẹ́sítà): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ níbí. Ohun tí mo kọ lẹ́yìn mítìn àná rèé: "Gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ níjọ́sí, Bọ̀dá Dáyọ̀ kò tíì mú iye owó pọ́ǹpù wá, ìdí nìyẹn tí bọ́hóòlù Ìjòkà fi dúró." Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n, Àkúrẹ́ ni wọ́n wà, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì máa kà á.

Fẹ́mi (Dọ́blìn): Sáà yọ orúkọ wọn, kọ "kí a wádìí iye owó pọ́ǹpù". Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Àǹtí Bísí (Tòróńtò): Kò sẹ́ni tó máa bínú lóòótọ́ Fẹ́mi, kò sì sẹ́ni tó máa ṣe é, oníkálùkù á rò pé ẹlòmíì ti wà lẹ́nu ẹ̀. Tóyìn, orúkọ kọ́ ló le níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọn ò ṣe lo fi í sí. Gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó kù ní ṣíṣe. "Ìdí nìyẹn" yẹn, yọ ọ́, ẹjọ́ lò ń dá. Àmọ́ kọ́kọ́ pè wọ́n ná, kí ló dí wọn lọ́wọ́?

Bàbá Ìbejì: Sólà ni kẹ́ ẹ rà o! Tèmi ní Ọ̀bà-Ilé, jẹnẹrétọ̀ fẹ́ẹ̀ jẹ mí run.

Tóyìn: 😂 Ẹ ṣé sà. Àǹtí, mo ti pè wọ́n. Oníbọ́hóòlù ní àfi kóun kọ́kọ́ wọn bí kànga ṣe jìn tó kóun tó mọ pọ́ǹpù tó máa lè fa omi ẹ̀, kò sì tíì sẹ́ni tó mú un débẹ̀.

Àǹtí Bísí: Ṣó o rí i, wíwọn kànga niṣẹ́ tó kàn, kì í ṣe iye owó. Kọ ọ́ báyìí:

"A ṣì ń retí iye owó pọ́ǹpù, torí a ò tíì wọn kànga.
Bọ̀dá Dáyọ̀: ẹ bá wa mú oníbọ́hóòlù lọ wọn kànga, kẹ́ ẹ sì fi iye owó tó bá sọ ránṣẹ́ sí Tóyìn, ó pẹ́ tán Fúráìdè aago 6 ìrọ̀lẹ́, aago Àkúrẹ́.
Tóyìn: máa gbé e wá sí mítìn Sọ́ńdè.
Bí ọjọ́ yìí ò bá rọrùn, tàbí mo ṣi nǹkan kọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi kó tó di Wẹ́sìdeè."

"Ẹ bá wa" yẹn ti tó fún ọ̀wọ̀, má tún fi ẹ̀bẹ̀ kún un. Fi iṣẹ́ tìẹ náà síbẹ̀ kó má dà bíi pé ẹnì kan ṣoṣo lò ń ṣọ́. Aago Àkúrẹ́ yẹn má gbàgbé ẹ̀ o, tó bá ti di ìparí Ọkitóbà tí wọ́n dá aago padà lọ́dọ̀ yín, wákàtí kan ni wọ́n fi ń ṣíwájú yín.

Kúnlé: Tí Fúráìdè bá tún kọjá ńkọ́? Owó ẹgbẹ́ mà ni.

Àǹtí Bísí: Kọ ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, má sọ nǹkan kan sí i. Ìyókù, lórí fóònù ni.

Kúnlé: Mi ò gbà o. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó yẹ kí ẹgbẹ́ rí i nínú ìwé pé iṣẹ́ ò di ṣíṣe.

Tóyìn: Mo ti fi ti Àǹtí ránṣẹ́. Bọ̀dá ní Tọ́sìdeè làwọn máa lọ.